Katapílà tàbí gọ́tà: àlàyé lórí títún àdúgbò ṣe láìlé ará ibẹ̀

Nígbà tí Àkúrẹ́ di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Oǹdó lọ́dún 1976, èrò ya wọ ìlú kánkán ju bí ètò ṣe lè bá wọn lọ. Onílẹ̀ ta ilẹ̀, ẹni tó rówó rà á, bíríkìlà kọ́ ọ, kò sì sẹ́ni tó kọ́kọ́ ya títì. Bí àdúgbò aláìlétò ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: ilé wà, èèyàn kún un, ṣùgbọ́n kò sí ìwé àṣẹ ìkọ́lé, ọkọ̀ panápaná kò ráyè wọlé, àgbàrá sì ń gba ẹnu ọ̀nà onílé kọjá. Ohun méjì ni ìjọba lè ṣe sí i. Wọ́n lè fi ọ̀dà pupa sàmì sára ògiri, kí katapílà tẹ̀ lé e. Wọ́n sì lè tún un ṣe, kí àwọn ará ibẹ̀ má kúrò, kí títì, gọ́tà àti omi wá bá wọn níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ọkàn ya àdúgbò kan sẹ́yìn Ọjà Ọba. Ilé 60 ló wà níbẹ̀, yàrá mẹ́jọ mẹ́jọ, ìdílé kan nínú yàrá kan: ìdílé 480. Bí wọ́n bá wó o, Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 ní kí wọ́n san owó ilé àti irè oko. Iye tí yóò náni láti kọ́ ilé náà ni wọ́n máa ń ṣírò, wọ́n á sì yọ iye tí ogbó ti jẹ kúrò. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ní owó kan lórí ju owó ilẹ̀ tí onílé san fún ìjọba lọ́dún náà. Ilé tó ti gbó ni èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, nítorí náà owó tí lándílọ́ọ̀dù bá gbà kò lè kọ́ òmíràn. Ti ayálégbé tún wá burú jù, òun kò kọ́ nǹkan kan, kí ni wọ́n fẹ́ san fún un? Ìyá aláta tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà tẹ́lẹ̀ yóò lọ háyà yàrá lẹ́yìn ìlú, yóò sì máa san owó ọ̀kadà lọ-bọ̀ lórí ọjà tí èrè rẹ̀ kò tó nǹkan.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní July 1990, ìjọba ológun Raji Rasaki wó àdúgbò Màrókò l'Ékòó. Nǹkan bí 300,000 èèyàn ló di aláìnílé. Díẹ̀ nínú àwọn onílé ni wọ́n fún ní fúláàtì ní Ìlàsan àti Ìkọ́tà. Àwọn olówó ló wá ń gbé orí ilẹ̀ náà báyìí.

Àtúnṣe pẹ̀lú kì í ṣe kí a kàn da ọ̀dà títì sílẹ̀. Àwọn awọnlẹ̀ á kọ́kọ́ ya àwòrán gbogbo ilé, ṣáláńgá, kàǹga àti ọ̀nà ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, àwọn àti ará àdúgbò á jọ wá ibi tí títì bíi mítà mẹ́rin lè gbà kọjá tí ògiri tó máa wó kò fi ní pọ̀. Nínú àdúgbò wa yìí, ó lè mú fẹ́ǹsì, ilé ìdáná àti ilé mẹ́rin péré. Àwọn onílé mẹ́rin náà ni a ó wá ilẹ̀ fún nítòsí, *kí* iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìsàlẹ̀ ni gọ́tà ti ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí omi yóò ti já sódò, kí a tó máa gbẹ́ ẹ gòkè. Kọngiláà tó bá bẹ̀rẹ̀ lókè, tí owó wá tán ní àárín, ti kó àgbàrá gbogbo òkè dà sí yàrá ẹni tó wà nísàlẹ̀. Ẹ tún wo ibi tí títì ga dé. Bí ó bá ga ju ilẹ̀ ilé lọ, òjò àkọ́kọ́ ni yóò sọ fún yín. Ní Jàkátà, ní orílẹ̀-èdè Indonéṣíà, irú iṣẹ́ yìí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1969: ọ̀nà ẹsẹ̀, gọ́tà, ẹ̀rọ omi. Wọn kò tún ilé kọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn onílé fúnra wọn ló tún un ṣe nígbà tí ọkàn wọn balẹ̀ pé a kò ní lé àwọn.

Èmi fara mọ́ àtúnṣe, ṣùgbọ́n ilé tó wà lójú ọ̀nà omi Odò Àlà l'Àkúrẹ́ kò ṣeé tún ṣe. Odò náà yóò padà wá gba àyè rẹ̀. Àwọn wọ̀nyẹn gbọ́dọ̀ kó, kí ibi tí wọ́n ń kó lọ sì ti wà nílẹ̀.

Àtúnṣe náà ní ewu tirẹ̀ tí kì í pariwo. Títì dé, iná dé, lándílọ́ọ̀dù wá fowó lé yàrá. Àwọn tí a torí wọn ṣe iṣẹ́ bá kó jáde láìsí katapílà kankan. Ìdí nìyí tí àdéhùn lórí owó ilé fi gbọ́dọ̀ wà lákọsílẹ̀ kí a tó gbẹ́ gọ́tà, kí lándílọ́ọ̀dù fọwọ́ sí i, nígbà tó ṣì ń wá títì lójú méjèèjì. Kí wọ́n kọ orúkọ àwọn ayálégbé tó wà nínú ìdílé 480 yẹn sílẹ̀ pẹ̀lú, kí wọ́n sì padà lọ kà wọ́n lẹ́yìn ọdún méjì.