Ọ̀rọ̀ gùn ju àwòrán lọ: báwo la ṣe ń tún un kọ?

Ìbéèrè: Wọ́n ti gé fídíò tí a yà lọ́jọ́ ọjà parí, a ò sì lè tún un yà. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ láti kà sórí rẹ̀ gùn jù. Bí mo bá sáré kà á, kì í dùn ún gbọ́. Kí ni kí n ṣe kó bá àwòrán mu gẹ́lẹ́?

Ìdáhùn: Sílébù ni kí ẹ máa kà, ẹ má ka ọ̀rọ̀. "Wá" jẹ́ ọ̀rọ̀ kan, "oníbàárà" náà jẹ́ ọ̀rọ̀ kan, ṣùgbọ́n sílébù 5 ló wà nínú èyí tó kẹ́yìn. Bí ẹnu ṣe pè é ni kí ẹ sì kà á: "ní ilé" tí ẹnu pè ní "nílé" di 2.

Kí ẹni tí yóò kà á gan-an kàwé sókè fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ ka sílébù rẹ̀, kí ẹ fi 60 pín in. Ká ní ó jẹ́ 4 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká mú àwòrán kan tó bẹ̀rẹ̀ ní 0:12, tó parí ní 0:20. Kámẹ́rà wọ ọjà, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn aláṣọ. Ní 0:16, oníbàárà kan mú aṣọ lọ́wọ́. Ohun tí ẹ kọ ni: "Nígbà tí a wọ inú ọjà náà, ohun tí a kọ́kọ́ rí ni àwọn obìnrin tí wọ́n ń ta oríṣiríṣi aṣọ tí wọ́n tò sílẹ̀ fún àwọn oníbàárà." Sílébù 48 nìyẹn, ìṣẹ́jú àáyá 12, nínú àwòrán tí kò ju 8 lọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni olùwòran ti ń fojú ara rẹ̀ rí.

Ẹ fi ààbọ̀ ìṣẹ́jú àáyá sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ àti nípẹ̀kun, kí ariwo ọjà lè jáde díẹ̀. Láti 12.5 dé 16, àyè sílébù 14 wà: "Bí a ti wọlé, àwọn aláṣọ la kọ́kọ́ bá." Ó pé 14. Ẹ wá dákẹ́ títí dé 16.5, torí pé ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ohun tí a rí ni. Bó bá ṣáájú, olùwòran á máa wá ohun tí kò tíì yọjú. Láti ibẹ̀ dé 19.5, àyè sílébù 12 ló kù: "Ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ ojúlówó." Ó jẹ́ 11, ó sì sọ ohun tí àwòrán kò lè sọ. Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù.

Bí ẹ bá ń wo àkókò lórí ẹ̀rọ tí a fi ń gé fídíò, ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà tó kẹ́yìn nínú irú 00:00:16:10. Férémù ni, ìyẹn ọ̀kọ̀ọ̀kan àwòrán dídúró tó para pọ̀ di fídíò. Bí fídíò bá jẹ́ férémù 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 10 yẹn jẹ́ 0.4.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi fóònù gba ohùn náà sílẹ̀, ẹ gbé e sórí fídíò. Bí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn bá wọnú àwòrán tó tẹ̀lé e, ẹ yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò, ẹ má fi ẹ̀rọ mú ohùn yára.