Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ààbò fún òṣìṣẹ́ tuntun ní ilé iṣẹ́ kajú

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ààbò ni ẹ̀kọ́ tí ilé iṣẹ́ máa ń fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ kí ó tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ: irú ewu tí ó wà níbẹ̀, ohun tí yóò wọ̀ sára, àti ẹni tí yóò sọ fún bí nǹkan bá ṣe é. Òfin Ilé Iṣẹ́ ti Nàìjíríà, tí ó bẹ̀rẹ̀ láti 1987, kò gbà kí wọ́n gbé ẹnikẹ́ni sídìí ẹ̀rọ tàbí iṣẹ́ tí ó lè ṣe é léṣe láìjẹ́ pé wọ́n ti ṣàlàyé ewu rẹ̀ fún un dáadáa, kí ó sì jẹ́ pé ó ti kọ́ iṣẹ́ náà tó, tàbí pé ẹni tí ó mọ̀ ọ́n délẹ̀ ń mójú tó o. Bí a ó ṣe to ẹ̀kọ́ náà wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àpilẹ̀kọ yìí fi ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń la kóró kajú ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ewu tí ó gbilẹ̀ jù níbẹ̀ kì í sábà fara hàn lọ́jọ́ tí ó bá wọ ara ènìyàn, ìdí sì nìyẹn tí ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ kan kò fi lè tó.

Ewu inú èèpo

Èèpo kóró kajú ní ihò wẹ́wẹ́ nínú bí afárá oyin, oje dúdú kan tí ó ki ni ó sì kún inú ihò wọ̀nyí. Ọmọ tí ó dàgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí ó ti fi eyín já kóró kajú tútù rí, kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ohun tí oje yìí ń fi ètè ṣe. Ásíìdì anakádíkì ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, kádọ́ọ̀lù sì tẹ̀ lé e. Ọ̀nà méjì ni ó ń gbà ṣeni léṣe. Èkíní ni pé ó máa ń jó awọ ara, pàápàá bí ó bá pẹ́ lára, ibi tí ó bá kàn yóò sì dúdú, yóò sì bó. Èkejì ni pé ara àwọn kan máa ń kọ̀ ọ́: ọwọ́, ọrùn tàbí ìpéǹpéjú yóò máa yún, yóò wú, yóò sì sú omi, ṣùgbọ́n ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta ni èyí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ìdádúró yìí ni ó yẹ kí ẹni tí ń ṣètò ẹ̀kọ́ fi sọ́kàn ju ohunkóhun lọ. Òṣìṣẹ́ tuntun tí oje ta sí lápá lọ́jọ́ Ajé, tí kò rí nǹkan kan títí ó fi délé, yóò gbà pé wọ́n kàn ń dẹ́rù ba òun ni. Nígbà tí apá náà bá wá wú lọ́jọ́rú, ó lè sọ pé ẹ̀fọn ni tàbí pé ooru ni, kí ó sì máa bá iṣẹ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ara tí ó bá ti kọ oje yìí lẹ́ẹ̀kan yóò máa kọ̀ ọ́ nígbàkígbà tí ó bá tún kàn án.

Ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí wọ́n bi olúkúlùkù kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀: ǹjẹ́ èèpo máńgòrò tàbí oje rẹ̀ máa ń mú kí ẹnu tàbí ọwọ́ yín yún? Ìdílé igi kan náà ni máńgòrò àti kajú ti wá, ara tí ó bá sì kọ ọ̀kan lè kọ èkejì. Ẹni tí ó bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ibi tí wọ́n ti ń ṣa ọmọ kajú tí ó ti gbẹ tàbí ibi tí wọ́n ti ń dì í sínú àpò ni ó dára kí wọ́n fi sí, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń la kóró.

Ewu mìíràn kò ṣàì sí. Bọ́ílà àti páìpù rẹ̀ lè fi ooru gbígbóná bó ènìyàn, èéfín ibi tí wọ́n ti ń yan kóró máa ń ta ojú àti ọ̀fun, ẹ̀rọ ìlakajú sì ní abẹ méjì tí ń pàdé ara wọn nígbà tí ènìyàn bá fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Àwọn wọ̀nyí hàn sójú, òṣìṣẹ́ tuntun a sì tètè bẹ̀rù wọn fúnra rẹ̀.

Bí a ṣe lè to ẹ̀kọ́ náà

Ká ní ilé iṣẹ́ kan gba ènìyàn 12 fún yàrá ìlakajú. Ọ̀nà tí ó dára ni láti pín wọn sí ọ̀nà méjì, ènìyàn 6 lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ariwo ẹ̀rọ kì í jẹ́ kí èrò tí ó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́ ohùn ẹnì kan. Wọn kò ní jókòó sí gbọ̀ngàn. Wọn yóò tẹ̀ lé kóró láti ibi tí ó ti wọlé títí dé ibi tí ó ti ń jáde: ibi ìkó-àpò-sí, ibi tí wọ́n ti ń fi ooru sè é, ibi tí ó ti ń tutù, ìdí ẹ̀rọ, yàrá tí ó ti ń gbẹ, ibi ìbó. Ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, olùkọ́ yóò béèrè ohun tí wọ́n rò pé ó lè ṣeni léṣe níbẹ̀ kí ó tó sọ tirẹ̀. Èdè Yorùbá ni kí wọ́n fi ṣe é, bí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá bá sì wà láàárín wọn, kí wọ́n wá ẹni tí yóò túmọ̀ fún un, nítorí pé ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri kò wúlò fún ẹni tí kò lè kà á.

Lẹ́yìn ìrìn yìí, ẹni tí ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́, ìyẹn ẹ̀gbọ́n iṣẹ́, yóò jókòó sídìí ẹ̀rọ tí wọn kò kó kóró sí, yóò sì fi hàn wọ́n bí ọwọ́ ṣe gbọ́dọ̀ kúrò láàárín abẹ kí ẹsẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́. Olúkúlùkù yóò wá ṣe é lójú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó wúlò níbí ni, “Ẹ ṣe é kí n rí i.” Bí olùkọ́ bá béèrè pé ṣé ó yé wọn, gbogbo wọn ni yóò dáhùn pé ó yé wọn, pàápàá bí olùkọ́ bá jẹ́ àgbà. Kí wọ́n tó jókòó, wọn yóò ti ká apá bùbá sókè, wọn yóò sì ti ki etí ìborùn sínú aṣọ.

Lọ́jọ́ kejì, wọn yóò la kóró tí wọ́n ti sè tí ó sì ti tutù, ẹ̀gbọ́n iṣẹ́ kan fún ènìyàn méjì, wọn kò sì ní fi ìwọ̀n kílò díwọ̀n owó iṣẹ́ wọn lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Kókó yìí kò ṣeé fojú kéré. Ẹni tí owó rẹ̀ dúró lórí iye kílò tí ó bá là yóò sáré kí ọwọ́ rẹ̀ tó mọ ọ̀nà, ohun gbogbo tí wọ́n kọ́ ọ ní àná yóò sì fò lọ. Lọ́jọ́ kẹrin, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ yóò pe àwọn 12 náà jọ síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, yóò sì wo ọwọ́, apá, ọrùn àti ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àyẹ̀wò yìí gan-an ni apá kejì ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà, nítorí pé ìgbà yìí ni oje ọjọ́ kejì ń sọ̀rọ̀.

Ohun èlò ìdáàbòbò

Ìbọ̀wọ́ ni ó ń fa wàhálà jù. Ìbọ̀wọ́ òwú burú ju ọwọ́ lásán lọ, nítorí pé ó ń fa oje mu, ó sì ń dì í mọ́ awọ ara ní gbogbo ọjọ́. Epo máa ń sọ ìbọ̀wọ́ látẹ́ẹ̀sì di ẹlẹgẹ́, ó sì ń tètè ya. Èyí tí wọ́n fi náítírìlì ṣe ni ó ń bá epo jà dáadáa, ṣùgbọ́n èèpo tí ó mú àti ṣóńṣó irin tí wọ́n fi ń yọ ọmọ kajú lè lu òun náà. Nítorí náà, ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò: fẹ́ atẹ́gùn sí i, ká ẹnu rẹ̀ mọ́lẹ̀, fún un, kí o sì fetí sí i bóyá yóò mí. Èyí tí ó bá ń mí kò yẹ ní ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Bí oje bá sì ti wọ inú ìbọ̀wọ́, kí wọ́n bọ́ ọ lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ máa ń fi epo pa ọwọ́, àwọn mìíràn a sì fi eérú lé e. Ó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ díẹ̀, nítorí pé kì í jẹ́ kí oje tètè lẹ̀ mọ́ ara, ṣùgbọ́n òógùn àti iṣẹ́ ń nù ún kúrò, wọ́n sì ní láti tún un pa léraléra. Ó tún ń mú kí nǹkan máa yọ̀ lọ́wọ́. Olùkọ́ tí ó bá kàn bẹnu àtẹ́ lu àṣà yìí yóò pàdánù etí wọn. Kí ó sọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ, kí ó sì fi ìbọ̀wọ́ tí ó bá ọwọ́ wọn mu rọ́pò rẹ̀.

Awò tí ó bo ẹ̀gbẹ́ ojú pọn dandan nídìí ẹ̀rọ, nítorí pé oje lè ta jáde nígbà tí èèpo bá là. Kí ènìyàn tó lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni kí ó fọ ọwọ́, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀ nìkan. Aṣọ iṣẹ́ kò sì gbọ́dọ̀ bá a délé lọ bá ọmọ. Lábẹ́ òfin, ilé iṣẹ́ ni yóò pèsè àwọn ohun èlò tí iṣẹ́ náà bá béèrè, kò sì gbọ́dọ̀ yọ owó wọn nínú owó òṣìṣẹ́.

Sísọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀

Bí olùkọ́ bá sọ pé “ẹ wá fi ẹjọ́ sùn,” òṣìṣẹ́ Yorùbá yóò gbọ́ ọ pé kí òun lọ tú àṣírí ẹnìkejì òun, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ jẹ́ ẹlẹ́jọ́ láàárín ẹgbẹ́. “Ẹ jẹ́ kí a gbọ́” dára jù. Kí wọ́n fi ẹnì kan hàn wọ́n ní ojúkojú, orúkọ rẹ̀, ibi tí ó ń jókòó sí, àti ẹni tí ó ń dúró fún un bí kò bá sí nílé, kí wọ́n sì jẹ́ kí olúkúlùkù lọ bá a lọ́jọ́ àkọ́kọ́ láti sọ nǹkan kékeré kan. Ẹsẹ̀ tí ó ti rin ọ̀nà yẹn rí kì í tijú láti tún un rìn.

Nǹkan mẹ́ta ni kí wọ́n máa sọ: ọgbẹ́, ara yíyún, àti èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹlẹ̀, bí abẹ tí ó kan ìbọ̀wọ́ láìkan ẹran ara. Fún ti ara yíyún, kí wọ́n béèrè ọjọ́ àti iṣẹ́ tí ẹni náà ṣe láàárín ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, kì í ṣe ti òní nìkan.

Kí ẹ̀kọ́ tún sọ ohun tí wọn yóò ṣe kí ìrànlọ́wọ́ tó dé. Oje tí ó kan ara, kí wọ́n fi òróró tí a fi ń se oúnjẹ nù ún, nítorí pé omi nìkan kì í ṣí i, kí wọ́n tó fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ fọ̀ ọ́. Èyí tí ó bá kán sí ojú, omi mímọ́ nìkan fún ìṣẹ́jú 15, lẹ́yìn náà ilé ìwòsàn. Ibi tí ooru bá bó, omi tútù tí ń ṣàn fún ìṣẹ́jú 20, láìsí ẹyin tàbí ọṣẹ ìfọyín lórí rẹ̀.

Òfin Ìsanpadà fún Òṣìṣẹ́ ti 2010 fún òṣìṣẹ́ tí ó farapa ní ọjọ́ 14 láti sọ fún agbanisíṣẹ́, agbanisíṣẹ́ sì ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF, àjọ ìjọba tí ń bójú tó owó ìsanpadà náà, létí. Ìjàǹbá tí ó bá pa ènìyàn, tàbí tí kò jẹ́ kí ó lè ṣiṣẹ́ gba owó rẹ̀ pé fún ohun tí ó ju ọjọ́ 3 lọ, gbọ́dọ̀ dé etí olùyẹ̀wò ilé iṣẹ́ pẹ̀lú.

Ìwé tí wọ́n kọ àwọn ìròyìn wọ̀nyí sí ni ó ń fi hàn bóyá ẹ̀kọ́ náà wọlé. Bí ìwé náà bá ṣófo lẹ́yìn oṣù kan, nígbà tí àyẹ̀wò ọjọ́ kẹrin ti rí ọwọ́ mẹ́ta tí ó bó, kì í ṣe pé ewu ti tán. Àwọn òṣìṣẹ́ ni kò sọ̀rọ̀, ọ̀nà tí wọ́n là kalẹ̀ fún ìròyìn sì ni kí wọ́n tún ṣe kí wọ́n tó gba àwọn 12 mìíràn.