Pípín sláìdì sí ìsọ̀rí kì í pa sláìdì lára

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lo PowerPoint gbà pé bí àwọn bá pín iṣẹ́ wọn sí ìsọ̀rí, orúkọ ìsọ̀rí náà yóò hàn sí àwọn òǹwòran, àti pé bí àwọn bá yọ ìsọ̀rí kan kúrò, sláìdì inú rẹ̀ yóò bá a lọ. Ìbẹ̀rù yìí ló ń mú kí wọ́n máa gé sláìdì lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì máa lẹ̀ ẹ́ síbòmíràn, títí tí ojú wọn yóò fi dà rú. Ìgbàgbọ́ náà kò tọ̀nà: àmì tí ẹni tó ń ṣètò iṣẹ́ ń rí ni ìsọ̀rí jẹ́, kì í sì í hàn nígbà tí a bá ń fi iṣẹ́ han àwùjọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìròyìn ọdọọdún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan, tó ní sláìdì 60, ṣe àpẹẹrẹ. Ìkíni wà ní 1 sí 5, ìtàn ẹgbẹ́ ní 6 sí 18, ìṣirò owó ní 19 sí 40, ètò ọdún tó ń bọ̀ sì gba ìyókù. Alága wá ní kí ìṣirò owó ṣáájú ìtàn. Ẹ lọ sí View, kí ẹ tẹ Slide Sorter, kí gbogbo sláìdì lè tò sílẹ̀ níwájú yín. Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ sláìdì 6, kí ẹ yan Add Section, kí ẹ sì fún un lórúkọ. PowerPoint fúnra rẹ̀ yóò kó 1 sí 5 sábẹ́ Default Section. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún 19 àti 41. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ orúkọ ìsọ̀rí ìṣirò owó bákan náà, kí ẹ yan Move Section Up. Gbogbo sláìdì méjìlélógún inú rẹ̀ yóò ṣí nípò lẹ́ẹ̀kan náà, wọn yóò di 6 sí 27, ìtàn yóò di 28 sí 40, àlàyé tí ẹ kọ sábẹ́ sláìdì kọ̀ọ̀kan kò sì ní sọnù.

Ó dá mi lójú pé orúkọ méjì tó jọra nínú àkójọ tó ń jáde bí ẹ bá fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ orúkọ ìsọ̀rí ló ń dá kún ìbẹ̀rù yìí. Remove Section ń yọ àmì nìkan, sláìdì rẹ̀ yóò sì dara pọ̀ mọ́ ìsọ̀rí tó wà lókè rẹ̀. Remove Section & Slides ló ń pa sláìdì rẹ́, nítorí náà, ẹ ka orúkọ náà tán kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Bí ọwọ́ bá ṣì í, Ctrl+Z yóò dá gbogbo rẹ̀ padà.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ gan-an ni gbólóhùn tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ. Nọ́ńbà tí PowerPoint ń fi sí ìsàlẹ̀ sláìdì máa ń yí padà fúnra rẹ̀, àmọ́ bí ẹ bá kọ ọ́ sórí sláìdì 45 pé «ẹ wo sláìdì 20», kò ní yí padà, bẹ́ẹ̀ sì ni sláìdì náà ti di 7. Ẹ tún yẹ ibi tí ẹ ti lo Morph, tó ń mú kí sláìdì kan yí di òmíràn díẹ̀díẹ̀, wò, nítorí sláìdì tó ṣáájú rẹ̀ ló máa ń bá ṣiṣẹ́, ìyẹn sì lè ti yàtọ̀ sí èyí tí ẹ ṣètò rẹ̀ fún.