Ìdí tí tẹmísítọ̀ kì í fi tẹ̀lé ìlà tààrà

Ká ní ẹnì kan fẹ́ wọn bí omi ṣe gbóná tó pẹ̀lú tẹmísítọ̀, ìyẹn ẹ̀yà iná kékeré tí ìdènà rẹ̀, tí à ń fi óòmù kà, máa ń yí bí ooru bá ṣe ń yí. Ó mú irú tó wọ́pọ̀ jù, èyí tó ń jẹ́ 10,000 óòmù ní 25°C, tí wọ́n ti fi rọ́bà bo orí rẹ̀ kí omi má baà wọ̀ ọ́. Ó rì í bọ inú omi yìnyín, mítà ka nǹkan bí 33,600 óòmù. Ó rì í bọ inú omi 50°C, mítà ka 3,590. Ó ní iṣẹ́ parí: bí 30,000 óòmù ṣe lọ láàárín 50°C, á jẹ́ pé 600 óòmù ni dígíríì kọ̀ọ̀kan ń jẹ. Ló bá gbé e sínú omi tí kò gbóná tí kò tutù, 25°C géérégé. Mítà ka 10,000, ìṣirò rẹ̀ sì ní omi náà jẹ́ 39°C.

Mítà kò purọ́, tẹmísítọ̀ náà kò sì bàjẹ́. Ìlà tó fà láti òkè dé ìsàlẹ̀ ni kò sí níbì kankan lára nǹkan náà.

Sẹ̀rámíìkì ni wọ́n fi ń ṣe irú tẹmísítọ̀ yìí, láti inú ọ́ksáìdì máńgánísì, níkẹ́ẹ̀lì, kóbáltì àti irú wọn. Nínú wáyà kọ́pà, àwọn ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù ti wà ní òmìnira tẹ́lẹ̀. Ooru kàn ń dí wọn lọ́nà ni, ìdí nìyẹn tí ìdènà kọ́pà fi ń pọ̀ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń gbóná. Nínú sẹ̀rámíìkì yìí, ọ̀rọ̀ yí padà. Ibi tí ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan wà ló há sí, ó sì gbọ́dọ̀ ní agbára tó pọ̀ díẹ̀ kó tó lè fò kúrò níbẹ̀ bọ́ sí ibi tó kàn. Ooru ló ń fún un ní agbára yẹn. Bí ooru bá lé díẹ̀, iye àwọn tó lè fò kì í lé ní iye kan náà ní dígíríì kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka àtẹ̀gùn. Ṣe ló ń di ìlọ́po èyí tó wà tẹ́lẹ̀.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ìdènà ni pé dígíríì kọ̀ọ̀kan ń bù nínú ohun tó ṣẹ́ kù ni, kì í ṣe nínú ohun tó wà níbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń bu ìdá kan nínú ogún omi tó kù nínú àmù, bíbù àkọ́kọ́ á pọ̀, èyí tó kẹ́yìn á kéré gan-an. Fún tẹmísítọ̀ yìí, láti 0°C dé 25°C, ó ju 23,000 óòmù lọ tó dànù. Láti 75°C dé 100°C, tí òun náà jẹ́ dígíríì 25, kò tó 800. Kódà ìdá tí ó ń bù náà kò dúró sójú kan: ó ju 5 lọ nínú ọgọ́rùn-ún ní 0°C, ó jẹ́ nǹkan bí 4.4 ní 25°C, ó sì ti wá sí 2.8 nígbà tó bá fi di 100°C. Ìdí ni pé ìwọ̀n Kẹ́lfínì, tó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ooru ti tán pátápátá, ni ìṣirò náà ń lò, abẹ́ ìdá ló sì wà.

Ṣíìpù, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré tí wọ́n so tẹmísítọ̀ mọ́, kò lè ka óòmù, fóltéèjì ló ń kà. Nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń to tẹmísítọ̀ tẹ̀ lé rẹ̀sísítọ̀ kan tí iye rẹ̀ kì í yí, kí àwọn méjèèjì pín fóltéèjì láàárín ara wọn. Ká ní rẹ̀sísítọ̀ 10,000 óòmù wà lókè lọ́wọ́ 5V, tí tẹmísítọ̀ sì wà nísàlẹ̀ lọ́wọ́ gíráǹdì. Àárín àwọn méjèèjì ni ṣíìpù ti ń kà, láti 0 dé 1023. Bí 5V yẹn bá tiẹ̀ lọ sílẹ̀ díẹ̀, kò ba nǹkan jẹ́, bó bá ṣáà jẹ́ pé òun kan náà ni ṣíìpù fi ń díwọ̀n: ìpín ni à ń kà, kì í ṣe fóltì.

Ìpín yìí sì ní àǹfààní kan tí ọ̀pọ̀ kì í fura sí. Ní 0°C, ṣíìpù á ka 788. Ní 25°C, 512. Ní 50°C, 270. Ẹni tó bá fa ìlà tààrà láàárín 788 àti 270 á rí nǹkan bí 26.7°C níbi tó yẹ kó ti rí 25. Àṣìṣe tó jẹ́ dígíríì 14 lẹ́ẹ̀kan ti sọ̀ kalẹ̀ sí èyí tí kò tó 2. Títẹ̀ tí ìpín náà tẹ̀ ló na títẹ̀ ti tẹmísítọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi ọkàn tán an: ní 75°C, ìlà kan náà á sọ pé 63°C ni.

Ìlà méjì péré ni kóòdù tó ń ṣe é bó ṣe yẹ, kò sì sí ìdí láti sá fún un:

```
float r = 10000.0 * adc / (1023.0 - adc);
float t = 1.0 / (1.0/298.15 + log(r/10000.0)/3950.0) - 273.15;
```

`adc` ni iye tí ṣíìpù kà, 3950 ni iye B, tó ń sọ bí ìdènà ṣe ń yára yí pẹ̀lú ooru, tí àwọn tó ṣe tẹmísítọ̀ náà kọ sínú ìwé rẹ̀, 298.15 ni 25°C ní Kẹ́lfínì. Bí `adc` bá jẹ́ 400, ìdènà á jẹ́ nǹkan bí 6,420 óòmù, ooru á sì jẹ́ 35.3°C. B fúnra rẹ̀ kì í dúró sójú kan pátápátá bí a bá jìnnà sí 25°C, nítorí náà ẹni tó fẹ́ péye láti orí yìnyín dé orí omi híhó á ní láti lo ìṣirò Steinhart-Hart, tó ní nọ́ńbà mẹ́ta dípò ẹyọ kan.

Ohun tí kóòdù kò lè tún ṣe ni ibi tí kíkà náà ti fún jù. Láàárín 0°C àti 25°C, dígíríì kan ní nǹkan bí ẹsẹ̀ 11 nínú kíkà ṣíìpù. Láàárín 75°C àti 100°C, kò ju 2.6 lọ, tó fi jẹ́ pé ariwo iná kékeré lásán lè gbé ooru lọ gbé e bọ̀ ní ìdajì dígíríì. Bó bá jẹ́ ibi gbígbóná yẹn ni iṣẹ́ wà, wọ́n á fi rẹ̀sísítọ̀ 1,000 óòmù rọ́pò ti òkè. Ẹsẹ̀ 66 tó wà láàárín 75°C àti 100°C á di 192. Àmọ́ apá tútù ló san gbèsè rẹ̀: 0°C sí 25°C á ti 276 bọ́ sí nǹkan bí 63.

Gbèsè kejì tún wà. Iná tó ń gba inú tẹmísítọ̀ ń mú òun fúnra rẹ̀ gbóná. Pẹ̀lú 10,000 óòmù lókè, kò ju nǹkan bí 0.63 mW lọ. Pẹ̀lú 1,000, ó lè ju 6 mW lọ, irú èyí tó kéré sì lè fi dígíríì kan gbóná fún mílíwáàtì kan tàbí méjì bó bá wà nínú afẹ́fẹ́ tí kò mì. Dígíríì mẹ́ta sí mẹ́fà tí kò sí nínú afẹ́fẹ́ náà nìyẹn. Nínú omi, kì í tó bẹ́ẹ̀, torí omi ń gba ooru náà lọ. Ọ̀nà láti dá a mọ̀ ni láti fún un níná fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí a kà á, kí a tún kà á lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì. Bí ooru tí à ń kà bá ń gùn díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ohunkóhun kò yí padà, òun fúnra rẹ̀ ló ń yá iná. Ọ̀pọ̀ ló ń yẹra fún un nípa fífún ìpín náà níná ní àkókò tí wọ́n bá fẹ́ kà nìkan.

Ẹ̀yìn gbogbo èyí ni wáyà tó já. Nínú ètò tí tẹmísítọ̀ wà nísàlẹ̀, wáyà tó já máa ń gbé kíkà lọ sí 1023, ìyẹn òtútù tí ayé kò rí rí. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ amúnigbóná ni ṣíìpù ń darí, ó á rò pé nǹkan ti di yìnyín, á sì máa tan iná náà láìdáwọ́ dúró. Tí wáyà méjèèjì bá kanra wọn, kíkà á di 0, ó á rò pé nǹkan ti gbóná kọjá ààlà, á sì pa á. Nítorí náà, kí kóòdù tó ṣe ìṣirò kankan, ó yẹ kó kọ́kọ́ wò bóyá `adc` kéré ju 10 tàbí ó ju 1013 lọ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kó pa iná, kó sì ké jáde pé wáyà ló ní wàhálà.