Ohun tí inú àkámọ́ ń jẹ́wọ́: bí a ṣe ń ka ọdún nínú ìwé ìtàn ìgbésí-ayé

Irú ìwé ńlá kan wà tó to orúkọ àwọn èèyàn ní a-bí-dí, tó sì sọ ìtàn ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìpínrọ̀ díẹ̀. Orúkọ ìdílé ló máa ń ṣáájú, orúkọ àbísọ á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni àkámọ́ kan tó kún fún ọdún àti lẹ́tà gígé. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé máa ń fo àkámọ́ yìí lọ sínú ìtàn. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni òǹkọ̀wé ti ń jẹ́wọ́ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bà àti ohun tí kò bà.

Bí ọdún méjì bá wà níbẹ̀ láìsí lẹ́tà kankan lára wọn, òǹkọ̀wé gbà pé ẹ̀rí tó dájú wà fún ìbí, ó sì wà fún ikú. “b.” dúró fún ìbí, “d.” dúró fún ikú. “q.v.” lẹ́yìn orúkọ kan ń sọ pé onítọ̀hún ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀ nínú ìwé kan náà, kí a lọ wò ó níbẹ̀. Àmọ́ kí a ṣọ́ra: nínú àwọn ìwé kan, “d.” kan náà ló tún ń dúró fún “ọmọbìnrin”, nítorí náà ojú ewé ìgékúrú tó wà níwájú ìwé ni kí a kọ́kọ́ ṣí. Èyí kò le. “c.” àti “fl.” ló máa ń da nǹkan rú.

“c.”, tí àwọn mìíràn ń kọ ní “ca.”, ni ìgékúrú “circa”, ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí “nǹkan bíi”. Ẹ jẹ́ ká wo Geoffrey Chaucer, akéwì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Báyìí ni wọ́n sábà máa ń kọ ọ́: (c. 1340–1400). Kò sí ìwé kankan tó sọ ọjọ́ tàbí ọdún tí wọ́n bí i. Níbo wá ni 1340 ti jáde?

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1386, Chaucer lọ jẹ́rìí nínú ẹjọ́ kan tí ìdílé Scrope àti ìdílé Grosvenor ń bá ara wọn fà lórí ẹni tó ni àmì kan tí wọ́n ń yà sára asà. Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹlẹ́rìí yìí jẹ́ ẹni ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ti ń gbé ohun ìjà láti ọdún 27 sẹ́yìn. Yọ 40 kúrò nínú 1386, 1346 ló kù. Ṣùgbọ́n “jù bẹ́ẹ̀ lọ” kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán. Yọ 27 kúrò nínú 1386, ó di 1359. Bó bá jẹ́ pé 1346 ni wọ́n bí i, a jẹ́ pé ọmọ ọdún 13 ló kó ohun ìjà lọ sógun. Ìwé ìnáwó ilé olóyè obìnrin kan sì tún fi hàn pé ó ti wà lára àwọn tó ń sìn níbẹ̀ ní 1357. Nítorí náà àwọn onímọ̀ ti ọdún ìbí rẹ̀ sẹ́yìn, sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1340. Gbogbo àríyànjiyàn yìí ni lẹ́tà kan ṣoṣo yẹn rù sórí.

Nǹkan méjì ni “c.” kì í ṣe. Kì í sọ bí àyè tó fi sílẹ̀ ṣe fẹ̀ tó: ó lè jẹ́ ọdún kan, ó lè tó mẹ́wàá, inú ìtàn tó wà nísàlẹ̀ nìkan la ti lè mọ̀ ọ́n. Kì í sì í kan nọ́ńbà tí kò sí níwájú rẹ̀. Nínú àkámọ́ Chaucer, ọdún ìbí nìkan ló bá wí. Tó bá jẹ́ pé ọdún ikú náà mẹ́hẹ ni, wọn ì bá kọ “c.” kejì síwájú 1400. “c.” sì tún yàtọ̀ sí àmì ìbéèrè. “1340?” ń sọ pé ọdún yìí gan-an ni a fura sí, a kò kàn lè fọwọ́ sọ̀yà.

Kí ni ká wá ṣe fún ẹni tí a kò tilẹ̀ lè fojú bu ọdún ìbí tàbí ikú rẹ̀? Ìyẹn ni iṣẹ́ “fl.”, ìgékúrú “floruit”, tí í ṣe ọ̀rọ̀ Látìn fún “ó gbilẹ̀” tàbí “ó wà lẹ́nu iṣẹ́”. Ká ní alágbẹ̀dẹ wúrà kan gba owó iṣẹ́ ní 1462, tí orúkọ rẹ̀ sì tún jáde nínú ìwé ilé ẹjọ́ ní 1481, tí a kò rí i níbòmíràn. Àkámọ́ rẹ̀ á jẹ́ (fl. 1462–1481). Kì í ṣe ọdún 19 ló lò láyé o. Ó lè ti pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún ní 1462, ó sì lè ti di arúgbó. Bí ìwé àkọ́kọ́ bá pè é ní ọ̀gá tó ní ọmọṣẹ́, a mọ̀ pé kì í ṣe ọmọdé nígbà yẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà mìíràn àmì méjèèjì á so pọ̀. Euclid, onímọ̀ ìṣirò ilẹ̀ Gíríìsì, ni wọ́n máa ń fi “fl. c.” sí níwájú ọdún 300 ṣáájú Kristi. Ìyẹn ni pé àkókò iṣẹ́ rẹ̀ gan-an jẹ́ ìfojúbù. Lórí àwọn ará Gíríìsì àtijọ́, ìdẹkùn kan tún wà: àwọn òpìtàn wọn kan gbà pé ẹni ogójì ọdún ló ń wà ní góńgó iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n á wá ka ogójì ọdún sẹ́yìn láti ọdún góńgó náà, wọ́n á sì pe ọdún tó bọ́ sí ní ọdún ìbí. Ìṣirò ni, kì í ṣe ẹ̀rí.

“bap.” ń sọ ọjọ́ ìrìbọmi, torí ìwé ìjọ nìkan ló kù lọ́wọ́. Wọ́n ṣe ìrìbọmi fún Christopher Marlowe ní ọjọ́ 26 oṣù kejì ọdún 1564, ó sì kú ní 1593. Àkámọ́ rẹ̀ á kà pé (bap. 1564, d. 1593). Kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọjọ́ 26 yẹn di ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ọdún ìrìbọmi náà lè hàn níbòmíràn bíi 1563/4, nítorí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ọjọ́ 25 oṣù kẹta ni ọdún tuntun ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà oṣù kejì ṣì wà nínú 1563 lójú akọ̀wé ìjọ. Ọjọ́ kan náà ni, ọ̀nà kíka ọdún ló di méjì. Bí ó bá jẹ́ “1510x1515” la rí, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn: nǹkan náà ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan láàárín ọdún méjèèjì, a kò kàn mọ ìgbà.

Ibi tí gbogbo èyí ti ń bàjẹ́ jù ni ìgbà tí wọ́n bá ń da àkámọ́ sínú kọ̀ǹpútà, níbi tí àyè “ọdún ìbí” kò ti gba ju nọ́ńbà lásán lọ. “c.” á já bọ́, “fl. 1462” á sì di ẹni tí wọ́n bí ní 1462. A lè dá irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ mọ̀ wẹ́rẹ́: alágbẹ̀dẹ wúrà wa á ti máa gba owó iṣẹ́ lọ́dún tí wọ́n bí i.