Àwòṣe Merton fún àìlèsan gbèsè ilé-iṣẹ́

Àwòṣe Merton jẹ́ ọ̀nà ìṣirò tí a fi ń díwọ̀n bí ó ṣe ṣeé ṣe tó pé ilé-iṣẹ́ kan kò ní lè san gbèsè rẹ̀ nígbà tí ọjọ́ bá pé. Robert C. Merton, onímọ̀ ìṣúná ọmọ Amẹ́ríkà, ló gbé e jáde ní 1974. Ọdún kan ṣáájú rẹ̀ ni Fischer Black àti Myron Scholes ti tẹ ìlànà ìdíyelé ẹ̀tọ́ àtirà jáde. Ẹ̀tọ́ àtirà ni àdéhùn tó fún ẹni tó ni ín láàyè láti ra nǹkan ní iye tí a ti dá sílẹ̀. Bí nǹkan náà bá wá wálẹ̀ ju iye yẹn lọ, kò sí ẹni tó lè fi ipá mú un rà á.

Merton ro ilé-iṣẹ́ kan tí dúkìá rẹ̀ tó V, tó sì jẹ gbèsè kan ṣoṣo, D, tí yóò san lẹ́ẹ̀kan náà ní ọjọ́ T. Bí V bá ju D lọ lọ́jọ́ náà, àwọn oníṣíà yóò san gbèsè, wọn yóò sì kó ìyókù. Bí kò bá tó o, wọn yóò fi ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ fún àwọn tó yá wọn lówó, nítorí òfin kò jẹ́ kí a bá wọn délé lọ gba gbèsè náà. Nítorí náà, ṣíà jẹ́ ẹ̀tọ́ láti ra dúkìá ilé-iṣẹ́ ní iye D.

```
E    = V·N(d1) − D·e^(−rT)·N(d2)
d1   = [ln(V/D) + (r + σV²/2)·T] / (σV·√T)
d2   = d1 − σV·√T
σE·E = N(d1)·σV·V
```

Nínú ìlànà yìí, E ni iye gbogbo ṣíà lọ́jà, T ni iye ọdún tó kù kí gbèsè tó pé, N(x) ni ìṣeéṣe pé nọ́ńbà kan tó tẹ̀lé ìpín normal onídiwọ̀n kò ní ju x lọ, r ni èlé owó tí kò léwu, σV àti σE sì ni bí iye dúkìá àti iye ṣíà ṣe ń lọ sókè-sódò tó lọ́dún. N(−d2) ni ìṣeéṣe àìlèsan gbèsè.

Ibi tí iṣẹ́ wà ni pé kò sẹ́ni tó rí V tàbí σV. Iye ṣíà ni ọjà ń fi hàn. Ìlà kìíní àti ìlà ìkẹyìn ni a ó yanjú pọ̀: a ó méfò V àti σV, a ó ṣírò E àti σE láti inú wọn, a ó sì máa tún un ṣe títí wọn yóò fi bá ohun tí ọjà sọ mu.

Ká ní E jẹ́ 31.2 bílíọ̀nù náírà, σE jẹ́ ìdá 86 nínú ọgọ́rùn-ún, gbèsè 100 bílíọ̀nù yóò pé lọ́dún kan sí i, èlé r sì jẹ́ ìdá 10. Ìdáhùn rẹ̀ ni V = 120 bílíọ̀nù àti σV = ìdá 25. d2 yóò jẹ́ 1.004, ìṣeéṣe àìlèsan yóò sì jẹ́ nǹkan bí ìdá 15.8. Gbèsè náà fúnra rẹ̀ tó 88.8 bílíọ̀nù lónìí, nígbà tí irú rẹ̀ tí kò léwu ìbá tó 90.5. Ìyàtọ̀ yìí ló mú kí ayánilówó béèrè èlé tó fi nǹkan bí ìdá 1.9 ju r lọ.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí a kàn ro E pọ̀ mọ́ D, ká pè é ní V, ká sì dín σE kù ní ìwọ̀n E/V. Nínú àpẹẹrẹ wa, V yóò di 131.2, σV yóò di ìdá 20.5, ìṣeéṣe yóò sì já sí ìdá 4.3 péré. Ohun tó fà á ni pé gbèsè tó léwu kò níye tó iye tí a kọ sórí rẹ̀. Bí gbèsè bá ṣe ń wúwo sí i ni àṣìṣe yìí ń pọ̀ sí i, àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an ló sì yẹ ká ṣọ́ jù.

Nǹkan míì tó yẹ ká fi sọ́kàn ni pé ìdá 15.8 yìí kì í ṣe iye ìgbà tí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń kùnà ní ti gidi. Èlé r ni a fi sínú rẹ̀, kì í ṣe bí dúkìá ṣe ń dàgbà gan-an. Ilé-iṣẹ́ KMV, tí Moody’s tó ń díwọ̀n ewu gbèsè rà ní 2002, gbé e gba ọ̀nà míì: ó mú gbèsè tí yóò tètè pé àti ìdajì gbèsè ọlọ́jọ́ gígùn gẹ́gẹ́ bí D, ó wọn bí V ṣe jìnnà sí i tó, ó sì fi ìwọ̀n yẹn wé àkọsílẹ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ti kùnà rí.

Àléébù tó tóbi jù hàn nígbà tí ọjọ́ gbèsè bá sún mọ́lé. Àwòṣe náà gbà pé V kì í fò lójijì, nítorí náà bí V bá ṣì ju D lọ, àfikún èlé tó ń sọ fẹ́rẹ̀ẹ́ di òdo, àmọ́ àwọn ayánilówó ṣì ń béèrè àfikún lórí irú gbèsè bẹ́ẹ̀. Àwọn àwòṣe kan fi àyè sílẹ̀ fún ìfò òjijì láti wo èyí sàn. Black àti Cox ní tiwọn tún apá míì ṣe ní 1976: wọ́n gbà kí ilé-iṣẹ́ lè ṣubú kí ọjọ́ T tó pé, bí V bá ti kan ààlà kan. Fún ilé ìfowópamọ́, tí ọ̀pọ̀ gbèsè rẹ̀ jẹ́ owó tí oníbàárà lè wá gbà nígbàkígbà, ó ṣòro láti sọ ohun tí D àti T jẹ́, nítorí náà ìdáhùn àwòṣe yìí kì í fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀.