Àròpọ̀ iye oṣooṣù kọ́ ni iye èèyàn tó jàǹfààní

Bó bá ti di pé ká kọ ìròyìn ránṣẹ́ sí onígbọ̀wọ́, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n á kó ìjábọ̀ oṣù mẹ́ta jọ, wọ́n á yọ iye èèyàn tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á rò ó pọ̀, wọ́n á sì kọ ọ́ pé iye àwọn tó jàǹfààní nìyẹn. Kò sí àṣìṣe nínú ìṣirò yẹn. Ìtumọ̀ tí wọ́n fún un ni kò tọ̀nà. Iye ìgbà táwọn èèyàn wá ni àròpọ̀ yẹn ń sọ, bẹ́ẹ̀ iye orí ni onígbọ̀wọ́ ń béèrè.

Ká mú iṣẹ́ kan tó ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ bí wọ́n ṣe lè tọ́jú irè oko wọn. Àdéhùn ni pé láàárín oṣù mẹ́ta, ìpàdé 24 yóò wáyé, 8 lóṣù kọ̀ọ̀kan, àgbẹ̀ 300 yóò sì gba ẹ̀kọ́. Ìjábọ̀ oṣù kìíní sọ pé ìpàdé 8 wáyé, àgbẹ̀ 180 ló wá. Ti oṣù kejì jẹ́ ìpàdé 6, àgbẹ̀ 165. Ti oṣù kẹta jẹ́ ìpàdé 7, àgbẹ̀ 190. Ẹni tó bá rò ó pọ̀ á rí 535, á sì kọ ọ́ pé àwọn ti kọjá àfojúsùn. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó wá ní oṣù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti di èèyàn mẹ́ta nínú iye yẹn.

Inú ìwé ìbuwọ́lù ni òótọ́ wà. Ẹ kó gbogbo orúkọ sínú ojú ewé ìṣirò kan ṣoṣo, ìlà kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóṣù kọ̀ọ̀kan. Ìlà 535 ni yóò jẹ́. Ẹ kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹni náà sí òpó A, kẹ́ ẹ wá béèrè iye tó dá yàtọ̀:

```
=COUNTA(UNIQUE(A2:A536))
```

Nínú iṣẹ́ yìí, 245 ló jáde. Àwọn 180 ti oṣù kìíní ló bẹ̀rẹ̀, 40 péré ló jẹ́ tuntun lóṣù kejì, 25 lóṣù kẹta. Àfojúsùn tí wọ́n fẹ́ sọ pé wọ́n kọjá, èèyàn 55 ló kù kó pé.

Níbi tí kò bá ti sí nọ́ńbà ìdánimọ̀, orúkọ nìkan kò tó. Bí wọ́n bá kọ orúkọ kan pẹ̀lú àmì lóṣù yìí, tí wọ́n kọ ọ́ láìsí àmì lóṣù tó ń bọ̀, kọ̀ǹpútà á kà á sí ẹni méjì, iye á sì wú. Bí ẹni méjì bá sì ń jẹ́ orúkọ kan náà, á pa wọ́n pọ̀ di ọ̀kan. Orúkọ, abúlé àti ọjọ́ orí papọ̀ ló máa ń dín wàhálà náà kù. Bí ìwé ìbuwọ́lù bá ti sọ nù pátápátá, iye oṣù tó pọ̀ jù lọ la lè fọwọ́ sọ̀yà. Níbí, a lè kọ pé àgbẹ̀ tó jàǹfààní kò dín ní 190, ká sì sọ ìdí tá a fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kò sì sóhun tó burú nínú 535 fúnra rẹ̀, bá a bá ti pè é ní iye ìgbà táwọn èèyàn wá.

Ti ìpàdé náà gba àkíyèsí. Ìjábọ̀ oṣù kẹta sọ pé “a ti ṣètò ìpàdé kẹjọ.” Ìṣètò kì í ṣe ìpàdé. Bí kò bá sí ọjọ́, ibi tó ti wáyé àti ìwé ìbuwọ́lù, a kò ní í kà á. Ìdí nìyẹn tí ìpàdé fi jẹ́ 21.

Àfojúsùn tí a kò bá ló máa ń ṣòro jù láti rí, torí pé ẹni tó kọ ìjábọ̀ kì í sábà mẹ́nu kàn án. Ìjábọ̀ oṣù kejì kò sọ ohunkóhun nípa ìpàdé méjì tí kò wáyé. Ó kàn sọ nípa àwọn 6 tó wáyé. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti inú ìjábọ̀ kò lè rí ohun tí kò sí níbẹ̀. Ìwé ètò iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ gbé síwájú, kẹ́ ẹ mú ohun tá a ṣèlérí lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ máa wá ẹ̀rí rẹ̀ nínú ìjábọ̀. Èyí tẹ́ ò bá rí ẹ̀rí rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ sílẹ̀ pé kò tíì wáyé, kẹ́ ẹ wá pe òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ibẹ̀ láti béèrè ìdí. Bí ìjábọ̀ kò bá sọ ìdí, ẹ má ṣe fi òjò tàbí ọ̀nà tí kò dára dí àlàfo náà. Ohun tí òṣìṣẹ́ náà bá sọ ni kẹ́ ẹ kọ, pẹ̀lú ọjọ́ tó sọ ọ́.